Ọtí kọ́ ló wó ìjọba Banú Úmáyà

Ọ̀rọ̀ kan wà tẹ́ ẹ máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn afáà nígbà wáàsì, ẹ̀ẹ́ sì rí i lórí Wásáàpù náà, pé àwọn kálífà Banú Úmáyà tó jókòó sí Damásíkù láti 661 títí di 750, ọtí, obìnrin àti orin ló bà wọ́n jẹ́, wọ́n di ọ̀lẹ, Ọlọ́run wá gba ìjọba lọ́wọ́ wọn ó gbé e fún Banú Ábáásì tó jẹ́ èèyàn rere. Ó dùn ún gbọ́, ó sì rọrùn láti fi wáàsì, àmọ́ tá a bá gbé e yẹ̀ wò, kò dúró.

Kálífà tó mutí wà lóòótọ́. Wàlíìdù Kejì tó gorí oyè ní 743 fẹ́ràn ọtí àti ewì, kò sẹ́ni tó ń jiyàn ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó pa á. Ó ta Kálíìdù Al-Kásírì, ẹni tó ti ṣe gómìnà Ìráàkì fún ọ̀pọ̀ ọdún, fún ọ̀tá ẹ̀ tó ń jẹ́ Yúsúfù ọmọ Úmárù, àádọ́ta mílíọ̀nù dírámù ni wọ́n jọ sọ ọ́ sí, Yúsúfù sì fìyà jẹ ọkùnrin náà títí tó fi kú. Àwọn Lárúbáwá ìhà Yámánì ka Kálíìdù sí ara wọn, inú bí wọn, àwọn àti ọmọ ẹbí kálífà kan náà tó ń jẹ́ Yàsíìdù bá gbógun tì í, wọ́n pa á ní 744. Ọ̀rọ̀ ọtí wà lára ẹ̀sùn tí wọ́n kà sí i lọ́rùn, àmọ́ ẹ̀jẹ̀ Kálíìdù ló gbé àwọn sọ́jà dìde.

Ìṣáámù tó wà níbẹ̀ kó tó kan Wàlíìdù ńkọ́? Ó lò tó ọdún mọ́kàndínlógún lórí oyè, aṣọ́wó-ná ni. Máríwáánù Kejì tó kẹ́yìn gbogbo wọn, jagunjagun ni láti ìbẹ̀rẹ̀, ẹnubodè Àmẹ́níà àti Asabaijáánì ló ti lo ọ̀pọ̀ ọdún tó ń bá àwọn Kásárì jà, kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ni ìnagijẹ ẹ̀, wọ́n ní torí bó ṣe lè forí tì í lójú ogun ni. Kò sóhun tó jọ ọ̀lẹ lára ọkùnrin yẹn. Bó bá sì jẹ́ pé ọtí ló ń wó ìjọba, Bàgídáàdì àwọn Ábáásì ì bá má pẹ́, torí ọtí ṣàn níbẹ̀ nígbà kálífà wọn Hárúúnù ju bó ṣe ṣàn ní Damásíkù lọ, síbẹ̀ wọ́n wà níbẹ̀ títí di 1258.

Kí ló wá wó wọn? Ọ̀rọ̀ owó ni mo máa fi bẹ̀rẹ̀, torí ibẹ̀ gan-an ni wáàsì kì í dé. Bí Banú Úmáyà ṣe tò ó ni pé àwọn Lárúbáwá díẹ̀ tó jẹ́ Mùsùlùmí ló ń jagun, orúkọ wọn wà nínú ìwé kan tó ń jẹ́ díwáánì, wọ́n sì ń gba owó oṣù látinú ẹ̀. Àwọn ará ìlú tí wọ́n ṣẹ́gun ló ń pèsè owó yẹn, wọ́n ń san owó orí, jísíyà, wọ́n tún ń san owó ilẹ̀, karáájì. Ètò yẹn dáa fún wọn níwọ̀n ìgbà tí àwọn tó ń san kò bá di Mùsùlùmí. Wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í di Mùsùlùmí.

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Sámákáńdì, ìlú kan ní àárín gbùngbùn Éṣíà, ní 728, torí gbogbo ọ̀ràn náà wà nínú ẹ̀. Gómìnà Kùrásáánì, ẹkùn ìlà oòrùn ìjọba náà, nígbà yẹn ni Áṣírásì, ó sì rán oníwàásù kan tó ń jẹ́ Àbú Sáídá lọ bá àwọn ará Sógídì tó wà níbẹ̀, ìlérí tó fi rán an ni pé ẹni tó bá gba Ìsìláàmù kò ní san jísíyà mọ́. Àwọn èèyàn wọ ẹ̀sìn wìtìwìtì, wọ́n kọ́ mọ́ṣáláṣí. Kò pẹ́ sígbà yẹn ni Gúrákù ọba Sámákáńdì kọ̀wé sí gómìnà pé owó ti já, kò sóhun tó ń wọlé mọ́. Áṣírásì bá fèsì pé owó yẹn lagbára àwọn Mùsùlùmí, òun sì gbọ́ pé torí kí wọ́n lè bọ́ lọ́wọ́ jísíyà ni wọ́n ṣe wọ ẹ̀sìn, kí wọ́n yẹ̀ wọ́n wò, ta ló kọlà abẹ́, ta ló ń ṣe ọ̀ranyàn, ta ló lè ka súrà kan nínú Àlùkùráánì, àwọn yẹn nìkan ni kí wọ́n yọ̀ǹda fún. Àwọn olórí ìlú tún lọ bá a, wọ́n ní ọ̀dọ̀ ta làwọn á ti gba owó báyìí nígbà tí gbogbo èèyàn ti di Lárúbáwá? Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn dáadáa, Lárúbáwá ni wọ́n pe ẹni tó di Mùsùlùmí, bí wọ́n ṣe ń rí i nìyẹn. Gómìnà bá yí padà, ó ní kí wọ́n gba owó lọ́wọ́ ẹni tí wọ́n ti ń gbà á lọ́wọ́ ẹ̀ tẹ́lẹ̀, Mùsùlùmí tàbí kì í ṣe Mùsùlùmí. Àwọn ará Sógídì bá dìde ogun, Àbú Sáídá oníwàásù fúnra ẹ̀ dúró tì wọ́n, ìjọba sì mú un, wọ́n tì í mọ́lé.

Inú mi kì í dùn tí mo bá ń ka ibẹ̀ yẹn, torí Úmárù ọmọ Abdulasísì tó jẹ́ kálífà láti 717 sí 720 ti yanjú ẹ̀ nígbà tiẹ̀. Nígbà tí wọ́n gbà á nímọ̀ràn láti fi kíkọlà dán àwọn tó ń wọ ẹ̀sìn wò, ó dáhùn pé Ọlọ́run rán Ànábì Muhammad láti pe èèyàn sí ẹ̀sìn, kò rán an láti máa kọlà. Ó kú, wọ́n sì gbàgbé.

Ẹlòmíì á sọ pé ìwà wọ̀bìà àwọn gómìnà lásán ni. Ó ju bẹ́ẹ̀ lọ o. Ọ̀pọ̀ ìlú ní Kùrásáánì, nígbà tí wọ́n ń túúbá, iye kan pàtó ni wọ́n gbà láti máa san, olórí ìlú fúnra ẹ̀ ló sì ń pín in ká àárín àwọn èèyàn ẹ̀. Nítorí náà bí ẹnì kan bá di Mùsùlùmí tó sì bọ́, ẹrù ẹ̀ á já sórí àwọn tó kù, olórí yẹn ò sì ní gbà. Nígbà tí Násírù ọmọ Sàyárì di gómìnà tó wá tú ìwé owó orí wò ní Máríwù, olú ìlú Kùrásáánì, wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgbọ̀n Mùsùlùmí ló jáde wá pé àwọn ń san jísíyà, tí ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rin tí kì í ṣe Mùsùlùmí kò sì san án. Násírù tò ó padà, ó ní onílẹ̀ gbogbo á san owó ilẹ̀, ẹni tí kì í ṣe Mùsùlùmí nìkan lá san jísíyà. Àtúnṣe tó péye ni, ó kàn pẹ́ jù ni.

Torí láàárín àkókò yẹn, àwọn ọmọ ogun Síríà tó jẹ́ òpó ìjọba ti ń pa ara wọn. Lárúbáwá ìhà Káísì àti ìhà Yámánì ti ń bára wọn ṣọ̀tá tipẹ́, ikú Wàlíìdù wá sọ ọ́ di ogun. Máríwáánù dúró ti Káísì, ó kó ibùjókòó ìjọba lọ sí Háránì, ó bá àwọn ìlú Síríà jà, ó wó odi Hímísì. Ìlú tiẹ̀ ló ń bá jà yẹn o.

Ìgbà yẹn ni Àbú Múslímù, tó ń ṣojú Banú Ábáásì ní Kùrásáánì, na àsíá dúdú sókè nítòsí Máríwù, 747, nínú oṣù Ràmàdáánì. Àwọn kan tún máa ń sọ pé àwọn Páṣíà ló gbẹ̀san lára Lárúbáwá, ìyẹn náà ò péye, torí Lárúbáwá ló pọ̀ jù nínú aṣáájú méjìlá wọn, Káhítábà tó kó ọmọ ogun wọn lọ sí Ìráàkì, ọmọ ẹ̀yà Táyì ni. Ohun tó yàtọ̀ ni ìwé tí Àbú Múslímù ṣí ní àgọ́ ẹ̀. Ó ní kí wọ́n kọ orúkọ ọkùnrin kọ̀ọ̀kan, orúkọ bàbá ẹ̀, àti abúlé tó ti wá. Kò béèrè ẹ̀yà. Ẹgbẹ̀rún méje ni wọ́n, dírámù mẹ́ta mẹ́ta ni wọ́n kọ́kọ́ san fún wọn, ó wá di mẹ́rin mẹ́rin. Owó táṣẹ́rẹ́ ni, ṣùgbọ́n ajẹmí, ìyẹn ẹni tí kì í ṣe Lárúbáwá, tó ti ń san owó orí látọjọ́ yìí ti wà lójú ìwé kan náà pẹ̀lú Lárúbáwá.

Wọ́n pàdé Máríwáánù létí odò Sábù ní oṣù kìíní 750. Àwọn ará Kùrásáánì sọ̀ kalẹ̀, wọ́n kúnlẹ̀, wọ́n na ọ̀kọ̀ síwájú, ẹṣin Síríà ò lè kọjá. Máríwáánù sọ fún ẹ̀yà Kúdáà kí wọ́n sọ̀ kalẹ̀ jà, wọ́n ní kó sọ fún Banú Súláímù. Ó ránṣẹ́ sí ẹ̀yà míì kí wọ́n kọlù wọ́n, àwọn yẹn ní kó sọ fún Banú Ámírù. Báyìí ni wọ́n ṣe sá. Wọ́n lé Máríwáánù dé Íjíbítì, wọ́n pa á níbẹ̀ lọ́dún yẹn.

Ẹ má rò pé àwọn Ábáásì ló wá dá díwáánì sílẹ̀, ó ti wà kí wọ́n tó dé. Ohun tí wọ́n yí padà ni ẹni tó jókòó síbẹ̀ àti ibi tí àṣẹ ti ń wá. Mánsúúrù, kálífà Ábáásì, tẹ Bàgídáàdì dó ní 762, ó kó àwọn sọ́jà Kùrásáánì wá síbẹ̀, ọmọ tí wọ́n bí níbẹ̀ di ẹgbẹ́ ológun fúnra wọn. Kálíìdù ọmọ Bárámákì, tí ìdílé ẹ̀ ti ìlú Báàlì wá, tí àwọn bàbá ńlá ẹ̀ ń bójú tó tẹ́ńpìlì Búdà, wọ ọ́fíìsì owó ilẹ̀, ọmọ ẹ̀ Yáhíyà sì di wàsírì, olórí àwọn mínísítà, fún Hárúúnù, tí gbogbo ọ́fíìsì ìjọba ń jábọ̀ fún un, títí tí Hárúúnù fi yọ wọ́n kúrò ní 803. Álíkálí náà, Mánsúúrù bẹ̀rẹ̀ sí í yàn wọ́n láti Bàgídáàdì, tó jẹ́ pé gómìnà ló máa ń yàn wọ́n tẹ́lẹ̀, Hárúúnù wá fi Àbú Yúsúfù ṣe olórí gbogbo wọn. Lábẹ́ kálífà Máhídì, 775 sí 785, owó ilẹ̀ ní ìsàlẹ̀ Ìráàkì yí padà: tẹ́lẹ̀, wọ́n á wọn oko, àgbẹ̀ á san iye kan náà bí èso jáde bí kò jáde, báyìí ìjọba ń gba ìpín nínú ohun tó hù, ẹni tó ń fi agbára fa omi sì ń san ìpín tó kéré ju ẹni tí odò ń bomi rin oko ẹ̀.

Kì í ṣe pé ìdájọ́ òdodo dé. Wọ́n pa àwọn ọmọ Banú Úmáyà bí ẹran, àyàfi àwọn bí Abdurahmánù tó sá dé Àńdálúsì ní ilẹ̀ Sípéènì, Mánsúúrù sì pa Àbú Múslímù fúnra ẹ̀ ní 755. Àgbẹ̀ ṣì ń jìyà lọ́wọ́ agbowó. Ohun tó kúrò nílẹ̀ ni pé kí èèyàn máa jẹ owó ìjọba torí pé Lárúbáwá ni, ó sì gba àkókò. Ní 833, kálífà Mútásímù kọ̀wé sí gómìnà Íjíbítì pé kó yọ orúkọ àwọn Lárúbáwá kúrò nínú díwáánì, kó dá owó tí wọ́n ti ń gbà látayé bàbá wọn dúró. Ẹ̀yà Lákímù àti Júdámù dìde pé ẹ̀tọ́ àwọn ni, ìjọba sì fi ogun dá wọn lóhùn.