Ìkíni gígùn kọ́ ni ọ̀wọ̀ nínú ímeèlì

Ní ọ́fíìsì kan ní Òkè-Ìlẹ̀wó, níbí ní Abẹ́òkúta, mo tún gbọ́ tí àgbà òṣìṣẹ́ kan ń kọ́ ọ̀dọ́mọkùnrin kan pé bí ímeèlì rẹ̀ sí máníjà bá le jù, kí ó fi ìkíni, àdúrà àti ẹ̀bẹ̀ síwájú rẹ̀. Ìmọ̀ràn yìí ti sú mi.

Ohun tí ọ̀dọ́mọkùnrin náà kọ nìyí: "Mi ò lè parí ìjábọ̀ oṣù yìí lọ́jọ́ Ẹtì. Àwọn ará ẹ̀ka ìṣirò owó kò tíì fún mi ní nǹkan kan."

Wọ́n ní àìkíni ni àléébù rẹ̀. Rárá o. Àléébù rẹ̀ ni pé ó gbé ìṣòro ka máníjà níwájú láìsọ ohun tí ó fẹ́ kí ó ṣe sí i: ṣé kí ó sún ọjọ́ síwájú ni, àbí kí ó bá ẹ̀ka náà sọ̀rọ̀? "Nǹkan kan" kò jẹ́ kí a mọ ohun tí kò tíì dé, "àwọn ará" sì dà bí ẹni ń fẹjọ́ sùn. Bí ẹ bá kó ìlà mẹ́rin àdúrà síwájú rẹ̀, gbogbo àléébù yìí ṣì wà níbẹ̀, àdúrà náà ni máníjà yóò sì kọ́kọ́ rí lórí fóònù, níbi tí kì í ti í hàn ju àkọlé àti ọ̀rọ̀ díẹ̀ lọ kí ó tó ṣí i. Nígbà tí èmi náà jẹ́ olórí ẹ̀ka, irú ímeèlì bẹ́ẹ̀ ni mo máa ń fi sílẹ̀ di ìrọ̀lẹ́.

Bí mo ṣe bá a tún un kọ nìyí, lábẹ́ àkọlé "Ìjábọ̀ oṣù yìí: mo ń tọrọ àyè di ọjọ́ Ajé":

"Ẹ kú iṣẹ́, sà. Ìjábọ̀ tí ẹ ní kí n fi ránṣẹ́ lọ́jọ́ Ẹtì kò ní lè pé, nítorí pé àkọsílẹ̀ ìnáwó láti ẹ̀ka ìṣirò owó kò tíì dé. Mo béèrè rẹ̀ lọ́jọ́ Ajé àti lónìí, Ọjọ́rú. Apá yòókù ti parí. Ẹ jọ̀wọ́, ṣé ẹ lè bá mi gba àkọsílẹ̀ náà kí ó tó di ọ̀sán Ọjọ́bọ̀, kí n lè fi odindi ìjábọ̀ ránṣẹ́ ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé? Bí ó bá jẹ́ dandan lọ́jọ́ Ẹtì, n ó fi èyí tó ti parí ránṣẹ́."

Ìkíni kan péré ló wà níbẹ̀. "Ẹ" àti "ẹ jọ̀wọ́" ti gbé ọ̀wọ̀ náà, ọ̀nà méjì tí a fi síwájú ọ̀gá sì fi hàn pé òun ló ni ìpinnu. Àkọsílẹ̀ ni a ní kò dé, a kò pe ẹnikẹ́ni ní ọ̀lẹ. N kò fi "ẹ má bínú" sí i, nítorí pé ẹ̀bi náà kì í ṣe tirẹ̀, ẹni tó bá sì ka ẹ̀bẹ̀ yóò rò pé ọ̀dọ́mọkùnrin náà ló fi iṣẹ́ falẹ̀.

Mo gbà pé àwọn ọ̀gá kan wà tí wọ́n fẹ́ràn ìkíni gígùn. Ẹ kọ ọ́ fún wọn, ṣùgbọ́n kí ìbéèrè yín ṣì wà nínú àkọlé.