Bí gbogbo ìlà tààrà bá tilẹ̀ sọ pé òdo ni, lìmíìtì lè má sí níbẹ̀

Ìgbàgbọ́ kan wà tó ti rinlẹ̀ láàárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣirò níbí ní Ado-Ekiti, mo sì ń bá a pàdé lọ́dọ̀ àwọn tó ń ti Ikere àti Iworoko wá kàwé lọ́dọ̀ mi pẹ̀lú. Wọ́n ní tí èèyàn bá fẹ́ mọ lìmíìtì fọ́ńkìṣọ̀n tó ní x àti y ní ojú (0, 0), kó fi mx rọ́pò y. Tí m bá pòórá nínú ìdáhùn, tó sì ku iye kan ṣoṣo, wọ́n ní iye yẹn ni lìmíìtì, kó fàlà sí i nídìí, kó bọ́ sórí ìbéèrè tó kàn. Mo ti rí i nínú àkọsílẹ̀ tí àwọn ọmọ ń ṣe ẹ̀dà rẹ̀ fún ara wọn, mo sì ti rí i lórí ìwé ìdáhùn àwọn tó mọ ìṣirò dénú. Kì í ṣe òótọ́. Ó sì ká mi lára, torí àwọn tó ń múra sí ìwé gan-an ló ń pàdánù máàkì sí i.

Ohun tó jẹ́ kó nira láti fà tu ni pé ìdajì rẹ̀ jẹ́ òótọ́. Ẹ wo xy/(x² + y²). Tí a bá fi mx sí ipò y, yóò di m/(1 + m²). Lórí ìlà y = 0, òdo ni; lórí ìlà y = x, ½ ni. Ọ̀nà méjì, iye méjì, nítorí náà kò sí lìmíìtì. Ẹjọ́ ti parí níbẹ̀, kò sẹ́ni tó lè bá wa jiyàn. Ìlà tààrà lè fi hàn pé lìmíìtì kò sí. Àṣìṣe bẹ̀rẹ̀ nígbà tí èèyàn bá yí ọ̀rọ̀ náà padà, tó ní bí àwọn ìlà tààrà kò bá ti bára wọn jiyàn, lìmíìtì gbọ́dọ̀ wà.

Fọ́ńkìṣọ̀n tí mo máa ń gbé síwájú wọn nìyí:

f(x, y) = x²y/(x⁴ + y²)

Ẹ fi mx rọ́pò y. Lókè, a ní mx³. Nísàlẹ̀, a ní x⁴ + m²x². Tí a bá fi x² pín tòkè tìsàlẹ̀, ó ku mx/(x² + m²). Bí x ṣe ń lọ sí òdo, òkè ń di òdo, ìsàlẹ̀ ń di m², gbogbo rẹ̀ sì ń lọ sí òdo, iye yòówù tí m ìbáà jẹ́. Tí m bá jẹ́ òdo fúnra rẹ̀, f jẹ́ òdo láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ìlà òòró, níbi tí x ti jẹ́ òdo, náà ń sọ òdo. Kò sí ìlà tààrà kan tó gba (0, 0) kọjá tó yapa. Ibí ni ọ̀pọ̀ ti máa ń gbé bírò sílẹ̀.

Ẹ wá gba orí parábólà y = x² wọlé. Òkè di x² × x², ìyẹn x⁴. Ìsàlẹ̀ di x⁴ + x⁴, ìyẹn 2x⁴. Ìdáhùn jẹ́ ½. Kì í ṣe pé ó ń sún mọ́ ½ o. ½ gan-an ni ní gbogbo ojú tó wà lórí parábólà náà, àyàfi (0, 0) nìkan. Tí ẹ bá lo y = kx², ẹ ó rí k/(1 + k²), nítorí náà iye yòówù tó bá wà láàárín −½ àti ½ ní parábólà tirẹ̀ tó gbé e dé ẹnu ọ̀nà (0, 0). Lìmíìtì kò sí rárá.

Ìbéèrè tó máa ń tẹ̀ lé e dára púpọ̀, akẹ́kọ̀ọ́ kan sì bi mí láìfi sábẹ́ ahọ́n sọ: "Sà, tí gbogbo ìlà tààrà tó yí ojú náà ká bá ń lọ sí òdo, ibo ni ½ yìí wá fara pamọ́ sí?" Nọ́ńbà ló máa dáhùn fún un.

Ẹ mú ìlà y = 0.1x. Nígbà tí x jẹ́ 0.1, y jẹ́ 0.01. Òkè jẹ́ 0.01 × 0.01, ìyẹn 0.0001. Ìsàlẹ̀ jẹ́ 0.0001 + 0.0001, ìyẹn 0.0002. f jẹ́ ½ gééré. Ẹ sún mọ́ ọn sí i: tí x bá jẹ́ 0.01, f jẹ́ nǹkan bíi 0.099, tí x bá jẹ́ 0.001, f fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ 0.01. Lóòótọ́ ló ń lọ sí òdo, àmọ́ ó gun orí ½ ná kó tó sọ̀ kalẹ̀. Ẹ wá mú ìlà tó tẹ́ jù ú lọ, y = 0.01x. Níbi tí x ti jẹ́ 0.1, f jẹ́ nǹkan bíi 0.099. Níbi tí x ti jẹ́ 0.01, ½ ni. Ó di ìgbà tí x bá dé 0.001 kó tó padà sí 0.099. Ohun kan náà ló ṣẹlẹ̀, àmọ́ ibi tó ti ṣẹlẹ̀ sún mọ́ (0, 0) ní ìlọ́po mẹ́wàá. Níbi tí m bá ti ju òdo lọ, ìlà y = mx máa ń kan ½ ní ibi tí x ti bá m dọ́gba, torí ibẹ̀ ló ti pàdé parábólà. Bí ìlà bá ṣe tẹ́ tó, bẹ́ẹ̀ ni ibi ìpàdé yẹn ṣe máa ń sún mọ́ àárín tó.

Àwa ará Ekiti mọ òkè, ẹ jẹ́ n fi òkè ṣàlàyé rẹ̀. Tí a bá ya àwòrán f, orí òkè gbọọrọ kan la máa rí, tí gíga rẹ̀ jẹ́ ½ láìyẹ̀, tó sì tẹ̀ bí parábólà títí ó fi dé ìdí (0, 0). Ẹni tó bá ń rìn tààrà bọ̀ láti apá kan rẹ̀ yóò gùn ún kọjá, yóò sì sọ̀ kalẹ̀ sí òdìkejì kó tó dé ibi tó ń lọ, ìdí nìyẹn tó fi máa ń jẹ́rìí pé ilẹ̀ tẹ́jú níparí ìrìn òun. Ẹni tó bá tẹ̀ lé orí òkè náà kò ní sọ̀ kalẹ̀ rárá. Ẹlẹ́rìí méjèèjì ò purọ́.

Ohun tí lìmíìtì ń béèrè nìyẹn gan-an. Tí a bá ní lìmíìtì jẹ́ òdo, a ń sọ pé bí ẹnikẹ́ni bá dárúkọ ε, ká ní ¼, a lè fa òbìrípo kan yí (0, 0) ká tó jẹ́ pé gbogbo ojú inú rẹ̀, yàtọ̀ sí (0, 0) fúnra rẹ̀, ni títóbi f kò ti ní tó ¼. Òbìrípo kan ṣoṣo fún gbogbo ojú. Níbi f tiwa yìí, ìlà kọ̀ọ̀kan ní ibi tí ara ti ń tù ú, ṣùgbọ́n bí òbìrípo yín ṣe wù kó kéré tó, parábólà wọ inú rẹ̀, f sì ń jẹ́ ½ níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun. Giuseppe Peano, onímọ̀ ìṣirò ará Ítálì, ti gbé irú fọ́ńkìṣọ̀n yìí jáde ní 1884, x àti y kàn pààrọ̀ ipò nínú tirẹ̀ ni.

Àwọn kan á wá ní ìlà tààrà làwọn ò gbà, àwọn máa lo r àti θ. Wọ́n á kọ x = r cos θ, y = r sin θ, f á sì di r cos²θ sin θ/(r² cos⁴θ + sin²θ). Wọ́n á ní, "r ń lọ sí òdo, òkè di òdo, ìsàlẹ̀ ku sin²θ, nítorí náà òdo ni." Ẹ kíyè sí ohun tí wọ́n ṣe: wọ́n di θ mú lójú kan, wọ́n wá ń dín r kù. Ìlà tààrà náà nìyẹn, aṣọ ló pààrọ̀. Tí θ bá ń yí bí r ṣe ń dín kù, sin²θ pẹ̀lú lè máa lọ sí òdo, ìsàlẹ̀ á sì kéré débi pé kò ní jẹ́ kí òkè borí.

Síbẹ̀, r àti θ wúlò tí a bá lò wọ́n bó ṣe yẹ. x²y/(x² + y²) di r cos²θ sin θ, kò sì sí bí θ ṣe lè ṣe é tí yóò fi ju r lọ ní títóbi. Ibi tí ìdè náà, ìyẹn iye tí títóbi fọ́ńkìṣọ̀n kò lè kọjá, bá ti wà lọ́wọ́ r nìkan, láìbéèrè lọ́wọ́ θ, ẹ̀rí ti wà níbẹ̀.

Báwo lèèyàn ṣe ń mọ ìlà títẹ̀ tó yẹ kó dán wò? Ẹ wo ìsàlẹ̀. Níbi x⁴ + y², ẹ bi ara yín pé níbo ni x⁴ àti y² yóò ti ní agbára kan náà. Tí y bá jẹ́ x² ni. Tí ìsàlẹ̀ bá jẹ́ x² + y⁶, ẹ dán x = y³ wò. Ọgbọ́n yìí ń ṣiṣẹ́ lórí ọ̀pọ̀ ìbéèrè ìdánwò, ṣùgbọ́n kò lè gbà wá nígbà gbogbo. Ẹ mú fọ́ńkìṣọ̀n tó jẹ́ òdo níbi tí x bá ti jẹ́ òdo, tó sì jẹ́ e^(−1/x²)·y/(e^(−2/x²) + y²) níbi tó kù. Lórí gbogbo ìlà tààrà, lórí gbogbo y = kxⁿ, ó ń lọ sí òdo, torí pé e^(−1/x²) ń sáré lọ sí òdo ju xⁿ èyíkéyìí lọ. Àmọ́ ẹ gba orí y = e^(−1/x²), ½ tún yọjú. Lóòótọ́, tí f bá ń lọ sí iye kan náà lórí gbogbo ọ̀nà tó wà láyé, iye yẹn ni lìmíìtì. Kò kàn sí ẹni tó lè dán gbogbo wọn wò tán ni.

Nítorí náà, tí ẹ bá dán ọ̀nà méjì mẹ́ta wò tí gbogbo wọn ń sọ òdo, ẹ dá ìdánwò dúró, kí ẹ wá ìdè. Ẹ jẹ́ ká ṣe é fún x³y/(x⁴ + y²), tó fi x kan ṣoṣo yàtọ̀ sí f wa. A mọ̀ pé (x² − |y|)² kò lè kéré sí òdo. Tí a bá tú u, ó ń sọ pé 2x²|y| kò lè ju x⁴ + y² lọ. Ìyẹn ni pé x²|y|/(x⁴ + y²) kò lè ju ½ lọ níbikíbi, orí òkè wa náà sì nìyẹn. x tó ṣẹ́ kù ló máa tẹ̀ ẹ́ rì: títóbi fọ́ńkìṣọ̀n wa kò lè ju |x|/2 lọ, |x| pẹ̀lú kò sì lè ju r lọ, r tí í ṣe jíjìnnà ojú náà sí (0, 0). Bí wọ́n bá dárúkọ ε, ẹ mú δ = 2ε: ojú yòówù tí r rẹ̀ bá kéré sí δ, títóbi fọ́ńkìṣọ̀n náà kéré sí ε níbẹ̀. Lìmíìtì jẹ́ òdo, a ò sì lo ìlà kankan, tààrà tàbí títẹ̀, láti fi mọ̀ ọ́n.