Ẹ má tètè pe ẹni tó fi kún gíga rẹ̀ ní onírọ́

Ọ̀rọ̀ yìí ti ń jẹ mí lọ́kàn látìgbà tí mo ti wà nídìí iṣẹ́ ìwádìí ìlera. A máa ń béèrè bí èèyàn ṣe ga tó, lẹ́yìn náà a óò wọ̀n ọ́n. Iye tí ẹnu sọ kì í sábà bá iye tí igi ìwọ̀n sọ mu, ti ẹnu ló sì máa ń ga jù. Kíá ni ẹni tó bá rí i á ti sọ pé, "Irọ́ ni wọ́n ń pa." Èmi ò fara mọ́ ọn. Irọ́ wà níbẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ òun kọ́ ló yẹ ká kọ́kọ́ fura sí.

Ìyá kan tó jẹ́ ẹni ọdún 68 ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà yé mi. Mo bi wọ́n pé, "Mà, báwo lẹ ṣe ga tó?" Wọn ò ronú rárá kí wọ́n tó sọ pé 165 sẹ̀ǹtímítà. Mo ní kí wọ́n bọ́ bàtà, kí wọ́n tú irun tí wọ́n dì sókè, kí gìgísẹ̀, ìdí àti èjìká wọn kan igi ìwọ̀n, kí wọ́n wo ọ̀kánkán, kí wọ́n sì fa èémí sínú. Mo wá rọra fa pátákó orí igi náà wálẹ̀ títí ó fi tẹ irun mọ́ àtàrí. 160.5 ni mo rí. Mo tún un ṣe, 160.5 náà ló tún jẹ́. Ìyá wò mí, wọ́n ní, "Ọmọ mi, nọ́ọ̀sì ló wọ̀n mí nígbà tí mo lóyún àkọ́bí mi. Ó kọ ọ́ sínú káàdì."

Mo gbà wọ́n gbọ́. Iye tí wọ́n sọ yẹn jẹ́ òótọ́, òótọ́ nǹkan bí ogójì ọdún sẹ́yìn ni. Èèyàn kì í wà ní bó ṣe ga tó títí ayé. Àwọn tìmùtìmù kéékèèké tó wà láàrin eegun ẹ̀yìn máa ń gbẹ, wọn a sì máa fẹ́lẹ́ sí i. Eegun fúnra rẹ̀ lè rẹ̀, kó tẹ̀. Ẹ̀yìn náà á máa tẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Láti ọmọ ọgbọ̀n ọdún sí àádọ́rin, obìnrin máa ń pàdánù nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà márùn-ún, ọkùnrin nǹkan bíi mẹ́ta. Kò sí ọjọ́ kan tí ẹni náà máa jí tó máa mọ̀ ọ́n lára. Ta ló sì ń wọn àgbàlagbà? Ọ̀pọ̀ wa ni wọ́n wọ̀n gbẹ̀yìn nígbà tá a wà nílé ẹ̀kọ́, tàbí nígbà tá a gba iṣẹ́, tàbí nígbà oyún, iye yẹn ló sì wà lọ́kàn wa bí ọjọ́ ìbí. Bí wọ́n bá bi wá léèrè, ìrántí la máa ń sọ. Ìdí nìyẹn tí àlàfo tó wà láàrin ọ̀rọ̀ ẹnu àti igi ìwọ̀n fi máa ń fẹ̀ sí i láàrin àwọn àgbà. Tó bá jẹ́ pé ìgbéraga nìkan ló fà á ni, mi ò rí ìdí tí ẹni àádọ́rin ọdún fi máa ṣe é ju ọ̀dọ́kùnrin lọ.

Ohun kejì ni bí èèyàn ṣe máa ń sọ iye di odidi. Ẹni tó ga ní ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún àti ínṣì méje lé díẹ̀ á sọ pé ínṣì mẹ́jọ ni. Bí àwọn kan bá ń gbé e sókè, tí àwọn mìíràn sì ń já a sílẹ̀, àṣìṣe méjèèjì á pa ara wọn rẹ́. Ṣùgbọ́n òkè nìkan la sábà máa ń gbé e lọ. Ká ní gbogbo èèyàn ló ń gbé e dé ínṣì tó kàn, ìdajì ínṣì ni ìpíndọ́gba máa fi ga ju bó ṣe yẹ lọ, ìyẹn 1.27 sẹ̀ǹtímítà, láìjẹ́ pé ẹnì kankan rò pé òun parọ́. Ẹni tó bá ní fáìlì lọ́wọ́ lè rí i fúnra rẹ̀: kó wo nọ́ńbà tó gbẹ̀yìn iye kọ̀ọ̀kan. Nínú iye tí wọ́n fi ẹnu sọ ní sẹ̀ǹtímítà, 0 àti 5 á pọ̀ jọjọ. Nínú èyí tí wọ́n wọ̀n, gbogbo nọ́ńbà á tàn ká bákan náà.

Ìfẹ́ láti ga ló ṣẹ́ kù. Ọ̀nà tí a fi ń dá a mọ̀ ni ká yí ipò ìbéèrè padà. Nínú ìwádìí Amẹ́ríkà tó ń jẹ́ NHANES, ilé ni wọ́n ti ń béèrè, lẹ́yìn náà ni wọ́n á wọn èèyàn nínú ọkọ̀ àyẹ̀wò. Ẹni tó mọ̀ pé igi ìwọ̀n ń dúró de òun á ṣọ́ ẹnu rẹ̀. Lórí tẹlifóònù, ta ló máa rí i? Àwọn ọkùnrin pàápàá máa ń fi kún un níbẹ̀.

Àwọn kan á ní, "Ẹ béèrè lọ́wọ́ èèyàn púpọ̀ sí i, àṣìṣe á tán." Kò lè tán láé. Àṣìṣe tó ń lọ sápá kan ṣoṣo kò bìkítà bóyá ẹgbẹ̀rún èèyàn tàbí mílíọ̀nù kan ló dáhùn. Ó sì ní ohun tó ń bà jẹ́. Láti mọ ẹni tó sanra jù, àwọn oníṣègùn máa ń fi gíga ní mítà sọ ara rẹ̀ di púpọ̀, wọ́n á wá fi iye tó jáde pín ìwọ̀n ara ní kílò. Ìyá yẹn wọn kílò 78. Pẹ̀lú 165 tí wọ́n sọ, ó jẹ́ 28.7. Pẹ̀lú 160.5, ó di 30.3, bẹ́ẹ̀ 30 ni ààlà sísanra àsanjù. Àṣìṣe kékeré lórí gíga ń di ńlá torí pé ẹ̀ẹ̀mejì ló wọnú ìṣirò náà. Ìdáhùn kan péré ti gbé ìyá kúrò nínú ẹgbẹ́ tó yẹ kí wọ́n wà.

Àwọn kan máa ń yọ iye kan náà kúrò lára gbogbo ìdáhùn láti fi tún un ṣe. Ìyẹn ò tẹ́ mi lọ́rùn, torí iye tó yẹ ká yọ fún ẹni ọdún 25 kọ́ ló yẹ ká yọ fún ẹni ọdún 68. Ohun tí mo ń fẹ́ kò ju kí wọ́n wọn díẹ̀ nínú àwọn tó dáhùn, kí wọ́n sì fi ìbéèrè kan kún un: "Ọdún wo ni wọ́n wọ̀n yín gbẹ̀yìn, ta ló sì wọ̀n yín?" Ìbéèrè yìí á ya ẹni tó ń rántí sọ́tọ̀ kúrò lára ẹni tó ń fi kún un.

Ìdí mìíràn tí mi ò fi fẹ́ kí wọ́n pe ìyá ní onírọ́ rèé. Àwọn oníṣègùn eegun ka kí àgbàlagbà fi sẹ̀ǹtímítà mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kúrú sí bó ṣe ga nígbà èwe sí àmì pé ó yẹ kí wọ́n ya àwòrán eegun ẹ̀yìn rẹ̀, torí eegun lè ti fọ́ níbẹ̀ láìjẹ́ pé ó mọ̀. Ti ìyá jẹ́ 4.5. Mi ò pa 165 wọn rẹ́. Mo kọ 160.5 sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, mo fa ìlà sábẹ́ méjèèjì, mo sì fún wọn níwèé láti mú lọ bá dókítà.