Póìntì awakọ̀ tuntun kò gbọdọ̀ dọ́gba pẹ̀lú ti àgbà awakọ̀

Àwọn aláṣẹ tún ti ń pariwo pé àwọn yóò gba láìsẹ́ńsì lọ́wọ́ awakọ̀ tó bá ń rúfin. A ti gbọ́. Èyí tí a ti ń bi wọ́n tipẹ́ ni wọn kò dáhùn: kí ló dé tí ìwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn ẹni tó gba láìsẹ́ńsì lánàá kò yàtọ̀ sí ti ẹni tó ti wakọ̀ fún ogún ọdún?

Ìwọ ọ̀dọ́ tó ń kọ́ ọkọ̀ ní Ìjẹ̀bú-Òde tàbí Ìpẹru, gbọ́ bí ó ṣe rí. Yàtọ̀ sí owó ìtanràn, ẹ̀ṣẹ̀ ojú pópó kọ̀ọ̀kan ní póìntì tirẹ̀ lọ́dọ̀ àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó. Bí àròpọ̀ rẹ bá wà láàárín 10 sí 14, ìkìlọ̀ ni. Láti 15 dé 20, wọ́n á gbẹ́sẹ̀ lé láìsẹ́ńsì rẹ fúngbà díẹ̀. Tó bá di 21, wọ́n á gbà á kúrò lọ́wọ́ rẹ.

Ká ní ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba láìsẹ́ńsì ń ti Ọ̀gẹ̀rẹ̀ bọ̀, fóònù wà létí rẹ̀, kò de bẹ́líìtì, ó sì gba orí èèpẹ̀ ẹ̀bá títì kọjá tírélà. Fóònù, 4, bẹ́líìtì, 2, ìyájú tí kò tọ́, 3. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 9. Ìkìlọ̀ gan-an kò tíì kàn án! Ṣé kò di ìgbà tí ó bá pa èèyàn ni?

Nílùú Ọba, fóònù ọwọ́ nìkan jẹ́ póìntì 6. Òfin ọdún 1995 sì sọ pé awakọ̀ tuntun tó bá kó 6 jọ láàárín ọdún méjì tó yege ìdánwò, láìsẹ́ńsì rẹ̀ ti lọ nìyẹn. Ọjọ́ tó dá ẹ̀ṣẹ̀ ni wọ́n ń wò, kì í ṣe ọjọ́ tí ilé ẹjọ́ dájọ́, nítorí náà fífa ẹjọ́ gùn kò lè gbà á. Póìntì tó gbà nígbà tó ń kọ́ṣẹ́ pàápàá ń bá a lọ, bí kò bá tíì kúrò nílẹ̀.

Ohun tó tún ṣe pàtàkì níbẹ̀ ni pé ìjókòó sílé kọ́ ni ìyà náà. Yóò padà di ẹni tó ń kọ́ṣẹ́, yóò lẹ àmì L mọ́ ọkọ̀, yóò tún ìdánwò ìwé àti ti ojú títì ṣe. Lọ́dọ̀ wa, ẹni tí wọ́n gbẹ́sẹ̀ lé láìsẹ́ńsì rẹ̀ lè fọwọ́ lẹ́rán títí ọjọ́ yóò fi pé, kó sì padà sójú pópó pẹ̀lú àṣà tó gbé lọ.

Ó ti sú wa láti máa tún un sọ. Kí wọ́n fi 6 ṣe òpin fún ọdún méjì àkọ́kọ́, kí ẹni tó bá dé ibẹ̀ padà sí ìdánwò, kí wọ́n sì máa sọ iye póìntì tó wà lọ́rùn awakọ̀ fún un ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá kọ ìwé ẹ̀ṣẹ̀ lé e lọ́wọ́. Ọjọ́ wo ni wọn yóò bẹ̀rẹ̀?