Ìwé Tí Ọmọ Lè Kà Ni Kí Ilé Ìwé Abúlé Rà

Bí owó táṣẹ́rẹ́ tí wọ́n fẹ́ fi dá yàrá ìkàwé sílẹ̀ nílé ìwé abúlé bá ti wọlé, ohun tó máa ń tẹ̀lé e kì í yàtọ̀. Ọ̀gá ilé ìwé, aṣojú òbí àti ẹni tó fowó sílẹ̀ yóò jókòó, wọn yóò to orúkọ ìwé jọ, wọn yóò sì ra gbogbo rẹ̀ lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Kò sẹ́ni tó pe ọmọ kan jáde pé kó kàwé sétí àwọn. Lójú tiwa, ibẹ̀ gan-an lowó náà ti ń ṣòfò. Kò yẹ kí aláṣẹ ètò ẹ̀kọ́ kankan fọwọ́ sí owó ìwé nílé ìwé tí wọn kò bá tíì yẹ bí àwọn ọmọ ibẹ̀ ṣe ń kàwé wò.

Àyẹ̀wò náà kò le. Irú rẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe ní Íńdíà láti 2005, nínú ìwádìí ASER tí àjọ Pratham dá sílẹ̀. Wọn yóò tẹ́ ìwé pélébé kan síwájú ọmọ. Lẹ́tà wà lórí rẹ̀, ọ̀rọ̀ kéékèèké wà níbẹ̀, ìpínrọ̀ ṣókí kan wà, ìtàn tó gùn díẹ̀ sì wà. Ọmọ yóò kà á sókè lóun nìkan, níbi tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kò ti ní fi í ṣe yẹ̀yẹ́, olùkọ́ yóò sì kọ ibi tó kà á dé sílẹ̀. Kò sí máàkì, kò sí ipò kìíní.

Ká fi ilé ìwé kan tó ní ọmọ 120 ṣe àpẹẹrẹ. Ká ní àyẹ̀wò fi hàn pé ọmọ 28 kò mọ̀ ju lẹ́tà lọ, 37 lè ka ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, 30 lè ka ìpínrọ̀, tí 25 yòókù sì lè ka ìtàn já. Ó di ọmọ 65, tó ju ìdajì ilé ìwé lọ, tí kò lè ka gbólóhùn mẹ́rin tẹ̀ léra. Bí wọ́n bá wá fi gbogbo owó ra ìwé ìtàn olójú-ewé 100 tí lẹ́tà rẹ̀ rí wínníwínní, ọmọ 25 péré ni wọ́n rà á fún. Àwọn tó kù yóò máa wo àwòrán èèpo ẹ̀yìn rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ irú ìwé yìí ló máa ń wu àgbàlagbà rà, torí ó nípọn, ó sì jọ ìwé gidi lójú ẹni tó ń sanwó.

Bí owó bá lè ra ìwé 300, 160 nínú rẹ̀ ni à bá yà sọ́tọ̀ fún àwọn 65 yìí: ìwé àwòrán tí kò ju gbólóhùn kan tàbí méjì lọ lójú ewé kọ̀ọ̀kan, ní èdè tí ọmọ ń sọ nílé. Àwọn tó ń ka ìpínrọ̀ yóò gba 80. Àwọn tó lè ka ìtàn já yóò gba 60, tí ìwé nípa ẹranko, ara èèyàn àti òfurufú yóò wà lára rẹ̀. Nínú 160 yẹn, 100 yóò jẹ́ oríṣi ìwé 20, ní ẹ̀dà márùn-ún márùn-ún. Àwọn kan yóò ní ìnákúnàá ni láti ra ìwé kan náà lẹ́ẹ̀marùn-ún. A kò gbà. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìwé kíkà kì í kà á lẹ́ẹ̀kan kó pa á tì. Yóò máa tún un kà títí yóò fi yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu. Bí ẹ̀dà bá sì jẹ́ márùn-ún, olùkọ́ lè kó ọmọ márùn-ún jókòó, kí oníkálukú di tirẹ̀ mú, kí ìka wọn máa bá ọ̀rọ̀ lọ. Ọ̀tọ̀ ni ti ọmọ tó ti mọ̀wé kà. Ìwé mìíràn ni ìyẹn ń wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, nítorí náà ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan ti tó fún un.

Níwájú olùtàwé, ẹ ṣí àárín ìwé. Ẹ jẹ́ kí ọmọ kan láti ilé ìwé náà ka ojú ewé tó ní nǹkan bí 100 ọ̀rọ̀, kó máa ká ìka kan fún ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan tí kò bá mọ̀. Bí ìka márùn-ún bá ti tán kó tó dé ìsàlẹ̀, ìwé náà ju agbára rẹ̀ lọ. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ fọwọ́ méjèèjì là á pẹrẹsẹ. Èyí tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù burúkú lẹ̀ lẹ́yìn yóò dún kékéré, kò sì ní pẹ́ tí ewé rẹ̀ yóò fi máa já bọ́. Ìwé pẹlẹbẹ tí wọ́n fi irin há láàárín sàn ju ìyẹn lọ, pàápàá bí ẹnì kan bá fi abẹ́rẹ́ àti òwú líle rán àárín náà kó tó dọ́wọ́ ọmọ, torí irin a máa dípẹtà.

Níbi tí ìwé ọmọdé bá ti ṣọ̀wọ́n ní èdè abúlé, títẹ̀ ló kù. Ìkànnì ìwé ìtàn ọmọdé méjì wà lórí ayélujára: àjọ Saide ní Gúúsù Áfíríkà dá African Storybook sílẹ̀ ní 2014, ilé ìtẹ̀wé Pratham Books ní Íńdíà sì dá StoryWeaver sílẹ̀ ní 2015. Ìwé inú méjèèjì ni ẹnikẹ́ni lè wà jáde lọ́fẹ̀ẹ́, kó tẹ̀ ẹ́, kó tilẹ̀ túmọ̀ rẹ̀, kí wọ́n ṣáà ti kọ orúkọ ẹni tó kọ ọ́ àti ẹni tó yàwòrán rẹ̀ síbẹ̀. Ẹ mú èyí tí àwòrán rẹ̀ ṣì máa hàn kedere ní dúdú àti funfun. Yíǹkì aláwọ̀ mèremère a máa jẹ owó.

Ti ìwé ọ̀fẹ́ ńkọ́? Páálí ìwé tí àwọn olóore ń kó wá máa ń kún fún ìwé ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti pa tì níbòmíràn. Ọ̀gá ilé ìwé kì í lè kọ̀ ọ́, torí ojú ń tì í. Ó yẹ kí òfin gbà á lọ́wọ́ ìtìjú náà, kó lè sọ pé ohun tó bá wà nínú àkọsílẹ̀ wa nìkan là ń gbà. Kò tiẹ̀ gba ìṣẹ́jú púpọ̀ láti mọ èyí tó ti gbó. Máàpù Áfíríkà tí kò bá ní Gúúsù Sudan ti wà ṣáájú 2011. Ìwé tó bá ka Pluto mọ́ plánẹ́ẹ̀tì mẹ́sàn-án ti wà ṣáájú 2006, tàbí kó jẹ́ pé ẹni tó kọ ọ́ kò gbọ́ ìròyìn.

Kí wọ́n má sì ná owó náà tán lẹ́ẹ̀kan. Ìdá méjì nínú mẹ́ta ti tó fún ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tí sáà kan bá parí, kí olùkọ́ wo ìwé tí èèpo rẹ̀ ti gbó àti èyí tí kò sẹ́ni tó yá, kó tó fi ìyókù ra òmíràn. Ti àmì tí wọ́n máa fi to ìwé, téèpù aláwọ̀ mẹ́ta lẹ́yìn ìwé ti tó fún ìpele mẹ́ta. Ìwé 300 kò tíì dé ibi tí wọ́n máa fi nọ́ńbà Dewey, tí àwọn yàrá ìkàwé ńlá fi ń to ìwé, dá ara wọn lágara.

Ohun kan wà tó lè ba gbogbo ètò yìí jẹ́, ọwọ́ àwọn aláṣẹ ló sì wà. Lọ́pọ̀ ibi, ọ̀gá ilé ìwé ló ń dáhùn fún ìwé tó bá sọnù nígbà tí alábẹ̀wò bá dé, owó rẹ̀ sì lè tàpò tirẹ̀ jáde. Kí ni yóò ṣe ju pé kó ti kọ́bọ́ọ̀dù pa? Òfin kìíní nínú òfin márùn-ún tí S. R. Ranganathan, onímọ̀ ìkàwé ará Íńdíà, gbé jáde ní 1931 ni pé lílò ni ìwé wà fún. Ìwé tí ọmọ ń mú lọ sílé yóò ya, òjò yóò pa òmíràn, àwọn kan kò sì ní padà. A fẹ́ kí àwọn aláṣẹ kọ ọ́ sínú ìwé àṣẹ pé bí ìwé kan nínú mẹ́wàá bá lọ lọ́dún, ọ̀gá ilé ìwé kò jẹ̀bi. Kí alábẹ̀wò kọ́kọ́ béèrè iye ìwé tí ọmọ yá lọ sílé lóṣù tó kọjá, kó tó béèrè iye tó ṣẹ́ kù nínú kọ́bọ́ọ̀dù.