Káàdì Ọpẹ́ Ìyá Bọ́lá

(Ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé kan ní Ṣómólú. Lékan wà nídìí kọ̀ǹpútà. Ìyá Bọ́lá, tó ń ta ìrẹsì, mílíìkì àti ọṣẹ, wọlé pẹ̀lú ìwé gígùn lọ́wọ́.)

ÌYÁ BỌ́LÁ: Lékan, ṣọ́ọ̀bù mi pé ọdún 10. Bá mi ṣe káàdì ọpẹ́ fún àwọn oníbàárà. Ohun tó máa wà níbẹ̀ nìyí.

LÉKAN: Ẹ káàbọ̀, mà. (Ó tú ìwé.) Háà! Fọ́tò yín, fọ́tò Dádì, fọ́tò Wòlíì, iye tí ẹ ń ta gaàrí… Mọ́mì, ṣé ẹ fẹ́ du ipò ni?

ÌYÁ BỌ́LÁ: Owó mi ni. Má fi àyè kankan ṣòfò!

LÉKAN: Àyè dà? Bébà A5 la máa ká sí méjì, ìbú rẹ̀ ò ní pé sẹ̀ǹtímítà 11. Iwájú, "Ẹ ṣeun" gàdàgbà, orúkọ ṣọ́ọ̀bù lábẹ́ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yín wà nínú, lápá ọ̀tún. Àdírẹ́sì wà lẹ́yìn. Ó tán.

ÌYÁ BỌ́LÁ: Fa orúkọ mi dé etí, kó gbòòrò.

LÉKAN: Abẹ ló ń gé etí, mà. Tó bá yẹ̀ díẹ̀, ẹ ti di "Ìyá Bọ́". Àwọ̀ ẹ̀yìn nìkan ni mò ń fà kọjá etí, ní mìlímítà 3, kí funfun má baà yọ.

ÌYÁ BỌ́LÁ: Ó dáa, ka ọ̀rọ̀ mi.

LÉKAN: "Mo kí gbogbo yín, àfi ẹni tó ń ra ọjà lọ́dọ̀ Ìyá Sílífá." Mọ́mì! Kí làwọn oníbàárà yìí ṣe fún yín gan-an?

ÌYÁ BỌ́LÁ: Lọ́dún tí omi wọ ṣọ́ọ̀bù, àwọn ló bá mi gbé ìrẹsì sókè. Ẹlòmíì wọ piyáámà wá.

LÉKAN: (Ó ń tẹ̀ ẹ́.) "Lọ́dún tí omi wọ ṣọ́ọ̀bù, ẹ̀yin lẹ bá wa gbé àpò ìrẹsì sókè. Ọdún 10 pé, ẹ ṣì ń wá. A dúpẹ́. Ìyá Bọ́lá."

ÌYÁ BỌ́LÁ: (Ó nu ojú.) Áà, ó wọ̀ mí lára. Fi kún un: "Ẹ tètè san gbèsè."

LÉKAN: Rárá o! Tí káàdì bá ń dúpẹ́, tó tún ń sin gbèsè, gbèsè nìkan ni wọ́n máa kà.

ÌYÁ BỌ́LÁ: Apá òsì inú ńkọ́?

LÉKAN: Òfìfo ni, kí ẹ lè fọwọ́ ara yín kí oníbàárà kọ̀ọ̀kan. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi ní fi ọ̀rá bo inú. Bírò kì í mú lórí bébà tó ń dán.

ÌYÁ BỌ́LÁ: Èmi ni n ó kọ ọ́? Ohun tó bá wù mí?

LÉKAN: Bẹ́ẹ̀ ni, mà.

ÌYÁ BỌ́LÁ: Tẹ 200! (Ó yọ bírò, ó ń dánra wò.) "Bàbá Sùnmọ́nù, a dúpẹ́. Mílíìkì 6, ọṣẹ 2."

LÉKAN: Mọ́mì!

ÌYÁ BỌ́LÁ: "Lékan atẹ̀wé, a dúpẹ́. Burẹ́dì 4, sàdíìnì 3, láti oṣù tó kọjá."

LÉKAN: (Ó rọra dìde.) Mọ́mì… mo rò pé ọ̀rá yẹn á kúkú dáa nínú o.