Kí Àjọ NCMM Gbé Rẹ́jísítà Onikan Síta

Pátákó idẹ Bìní méjì kan wà, iṣẹ́ ọ̀rúndún kẹrìndínlógún, ọ̀kan ya olóyè ajagun, èkejì ya ọ̀dọ́ ìránṣẹ́ ààfin. Láàrin 1950 sí 1951 ni músíọ́mù Bírítíìsì ní Lọ́ńdọ̀nù kó wọn fún músíọ́mù ìjọba wa l'Ékòó, àwọn àti 24 míì tó jọ wọ́n. Onikan, ilé músíọ́mù náà gan-an, ò tíì ṣí nígbà yẹn o, 1957 ló ṣí, Kenneth Murray tó dá a sílẹ̀ ṣì ń ṣa ẹrù tí wọ́n máa kó síbẹ̀ jọ ni. Ó di 1991, àwọn pátákó méjì yìí ti wà ní Niú Yọ́ọ̀kì, Klaus Perls tó ń ta iṣẹ́ ọnà níbẹ̀ àti ìyàwó ẹ̀ ló fi wọ́n ta Músíọ́mù Mẹtiropólítánì lọ́rẹ. Bí wọ́n ṣe kúrò l'Ékòó, ẹni tó gbé wọn, ọdún tó gbé wọn, iye tó gbà, ìwé kankan tó sọ ọ́ ò tíì jáde síta.

Ní June 2021 ni Mẹtiropólítánì kéde pé àwọn máa dá wọn padà, wọ́n sì dá wọn padà lóòótọ́, November 22 ọdún yẹn ni wọ́n buwọ́ lùwé pẹ̀lú NCMM, àjọ tó ń bójú tó músíọ́mù ìjọba Nàìjíríà, Lai Mohammed tó jẹ́ mínísítà nígbà yẹn wà níbẹ̀, wọ́n tún fi orí idẹ Ifẹ̀ kan kún un tí ẹnì kan fẹ́ tà fún wọn. Gbogbo wa pàtẹ́wọ́. Àmọ́ nínú ìkéde tí wọ́n ṣe, músíọ́mù Bírítíìsì ni wọ́n dárúkọ pé ó ran àwọn lọ́wọ́ ìwádìí, àwa tí wọ́n ja lólè, wọ́n ní àwọn bá wa sọ̀rọ̀. Ibẹ̀ yẹn ló ń dùn wá o. Ó yẹ kó jẹ́ pé rẹ́jísítà Onikan, ìwé tí wọ́n ń kọ ẹrù tó wọlé sí, ló máa kọ́kọ́ pariwo pé ẹrù wa rèé.

Ẹ jẹ́ ká wo bí àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ yìí ṣe ń ṣe é, torí ohun tí a fẹ́ sọ wà nínú ẹ̀. Tí wọ́n bá fẹ́ kọ ìtàn ọwọ́ tí nǹkan kan ti kọjá, láti ọwọ́ ẹni àkọ́kọ́ dé ọwọ́ ẹni tó wà báyìí, ẹgbẹ́ àwọn músíọ́mù Amẹ́ríkà ní àṣà kan tó rọrùn gan-an. Tí nǹkan bá kúrò lọ́wọ́ Táyé tó bọ́ sọ́wọ́ Kẹ́hìndé tààrà, tí ẹ̀rí sì wà, sẹmikólọ̀n ni wọ́n máa fi sáàrin orúkọ méjèèjì. Tí wọn ò bá mọ bó ṣe rìn láti ọwọ́ ẹni yìí dé ọwọ́ ẹni yẹn, fúlúsitọ́ọ̀pù ni. Ẹni tó bá mọ àṣà yìí kì í ka orúkọ àwọn olówó ńláńlá tó wà níbẹ̀ rárá, àmì yẹn ló ń wá kiri.

Ẹ fi dán àwọn pátákó yìí wò. Ààfin Ọba Bìní, àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì ní 1897, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, músíọ́mù Bírítíìsì, músíọ́mù Èkó ní 1950 sí 1951. Fúlúsitọ́ọ̀pù. Olówó kan ní Niú Yọ́ọ̀kì. Mẹtiropólítánì ní 1991. Ṣé ẹ rí ibi tí àmì yẹn bọ́ sí? Ìkógun 1897 tí gbogbo ayé ń sunkún lé lórí, sẹmikólọ̀n ló ní, torí àwọn tó kó ẹrù náà kọ ọ́ sílẹ̀, wọn ò tijú ẹ̀. Ọwọ́ wa níbí ni àlàfo wà.

Báwo ni wọ́n ṣe máa mọ̀ pé pátákó tó wà ní Niú Yọ́ọ̀kì ni èyí tó wà l'Ékòó nígbà kan? Ara nǹkan náà ni wọ́n ń kọ́kọ́ kà. Músíọ́mù Bírítíìsì máa ń kọ nọ́ńbà sára ẹrù wọn, ọdún àti oṣù àti ọjọ́ tó wọlé ló máa ń ṣáájú, lẹ́yìn náà ni ipò ẹ̀ nínú àwọn tó wọlé lọ́jọ́ yẹn. 203 pátákó Bìní ló ti ọwọ́ ilé iṣẹ́ ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè Gẹ̀ẹ́sì wọ ibẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà ní 1898, tí gbogbo nọ́ńbà wọn bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 1898,0115. Nítorí náà wọ́n á yí pátákó dójú dé, wọ́n á wo ẹ̀yìn ẹ̀. Tí nọ́ńbà bá wà níbẹ̀, ọ̀rọ̀ rọrùn. Tí kò bá sí ńkọ́? Wọ́n á wò ó bóyá ibì kan dán ju ibòmíì lọ, bóyá ẹnì kan ti fi fáìlì tàbí kẹ́míkà họ ibẹ̀, torí ojú idẹ tó ti pẹ́ kì í ṣe ohun tí èèyàn lè họ kó má hàn. Ẹni tó bá sì họ nọ́ńbà kúrò ti jẹ́wọ́ ìdajì ọ̀rọ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn ni fótò. Ìda ni wọ́n fi ń mọ iṣẹ́ Bìní kí wọ́n tó da idẹ gbígbóná sí i, ìda á yọ́ lọ, wọ́n á fọ́ amọ̀ tó bò ó, kò sí bí èyí tó jáde ṣe lè ní ìkejì tó bá a mu tán. Ihò kékeré tí afẹ́fẹ́ dá sínú ẹ̀, ibi tí idẹ ò ṣàn dé, etí tó ya níbi tí wọ́n ti kan ìṣó mọ́ òpó ààfin, ìwọ̀nyẹn dà bí ìlà ọwọ́ èèyàn. Músíọ́mù Bírítíìsì sì ti tẹ fótò ẹrù Bìní tó wà lọ́wọ́ wọn sínú ìwé ńlá kan láti 1899, Read àti Dalton ló kọ ọ́, o lè gbé fótò àtijọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ pátákó tó wà níwájú ẹ kí o máa ka ihò kọ̀ọ̀kan.

Ibi tí èèyàn ti lè ṣìnà nìyí o: púpọ̀ nínú àwọn pátákó yìí ní ẹnìkejì, méjìméjì ni wọ́n ṣe wọ́n. Ohun tó jẹ́ kí Lọ́ńdọ̀nù rí òmíràn kó fún wa nìyẹn, tí wọ́n tiẹ̀ ta òmíràn fún wa, wọ́n ní àwọn ní irú ẹ̀ nílé, ẹ̀dà lásán ni. Wọ́n wá mọ̀ lẹ́yìn náà pé kì í ṣe ẹ̀dà, ìbejì ni. Tóò, ẹni tó bá ń kánjú lè mú fótò Táyé kó fi dá Kẹ́hìndé mọ̀. Ojú olóyè àti idà ọwọ́ ẹ̀ ò lè yanjú ẹ̀, ihò ìṣó, etí tó ya àti ìwọ̀n tí wọ́n fi mìlímítà wọ̀n ló lè yanjú ẹ̀.

Ìwé àwọn oníṣòwò ló kàn, kátálọ́ọ̀gù gbàǹjo, ìwé ọjà tí oníṣọ́ọ̀bù kọ fún ara ẹ̀, risíìtì, lẹ́tà, ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù. Ọ̀rọ̀ kan pọ̀ nínú wọn tó yẹ kó máa pa èèyàn lẹ́rìn-ín: "ti ẹbí kan ní Yúróòpù, ó ti wà lọ́wọ́ wọn kí 1970 tó dé." 1970 ni àdéhùn UNESCO lórí ẹrù àṣà tí wọ́n jí, àwọn oníṣòwò sì sọ ọdún yẹn di omi ìwẹ̀nùmọ́. Ṣùgbọ́n Nàìjíríà ti ní òfin tiẹ̀ láti 1953, pé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ò gbọdọ̀ jáde láìsí ìwé àṣẹ. Tí ẹ bá sọ fún wa pé ó jáde ní 1962, a máa ní kí ẹ mú ìwé àṣẹ ẹ̀ wá.

Àlàfo ò dọ́gba, ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ ló ń sọ bó ṣe wúwo tó. Ère ìbejì tí arìnrìn-àjò kan rà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà ní 1960, tí kò gba risíìtì, tó fi sílẹ̀ fún ọmọ ẹ̀, àlàfo wà nínú ìtàn ẹ̀, a ò sì lè pe ẹnikẹ́ni lólè nítorí ẹ̀, bóyá ẹni tó ni ín ló tà á fúnra ẹ̀, kò sẹ́ni tó máa mọ̀ láéláé. Àmọ́ tó bá jẹ́ pé músíọ́mù ìjọba ló ni nǹkan kí àlàfo tó bẹ̀rẹ̀, a ò nílò láti mọ olè ká tó mọ olówó ẹrù. Ẹrù ìjọba ò lè di ti ẹlòmíì láìsí ìwé tó yọ ọ́ kúrò nínú rẹ́jísítà, ẹni tó wà lọ́wọ́ ẹ̀ ló gbọ́dọ̀ mú ìwé yẹn wá. Ẹni tó gbépo lájà, wọ́n ní, kò jalè tó ẹni tó gbà á sílẹ̀. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Mẹtiropólítánì nìyẹn, wọn ò dí àlàfo náà, wọ́n kàn gbà pé ẹni tó wà létí ẹ̀ ní òdìkejì ló ni ín.

Bó bá rí bẹ́ẹ̀, rẹ́jísítà Onikan ni gbogbo ọ̀rọ̀, ohun tí a sì fẹ́ nìyí. Kí NCMM gbé orúkọ àwọn pátákó 26 yẹn síta, nọ́ńbà tí Lọ́ńdọ̀nù fún wọn àti nọ́ńbà tí Èkó fún wọn, fótò iwájú àti fótò ẹ̀yìn, àti ọjọ́ tí wọ́n kà wọ́n gbẹ̀yìn tí wọ́n pé. Lẹ́yìn náà kí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ fún gbogbo ẹrù tó ti wọlé sí músíọ́mù wọn rí tí kò sí níbẹ̀ mọ́. Ẹ máa sọ pé Digital Benin wà, òótọ́ ni, láti 2022 ni wọ́n ti kó ẹrù Bìní tó lé ní ẹgbẹ̀rún márùn-ún láti músíọ́mù 131 sórí wẹ́bùsáìtì kan, tiwa náà wà nínú ẹ̀. Ohun tó wà nílé ni wọ́n kọ síbẹ̀. Ohun tó jáde nílé là ń bèèrè.

Àwọn kan máa ní olè máa lò ó. Olè ò nílò nọ́ńbà, oníbàárà ẹ̀ ló nílò pé kí nọ́ńbà má sí, ẹ má sì kọ yàrá tí ẹrù wà síbẹ̀. Ohun tí àwa rò pé ó ń ba NCMM lẹ́rù ni ìtìjú. Ní 1973 Ọ̀gágun Gowon gbé orí idẹ Bìní kan fún Ọbabìnrin Ẹlísábẹ́ẹ̀tì nígbà tó lọ kí i, wọ́n rò pé ayédèrú ni fún ọdún pípẹ́, 2002 ni ìròyìn jáde pé ojúlówó ni, inú músíọ́mù wa l'Ékòó ni olórí ìjọba ti lọ mú un. Tí rẹ́jísítà bá ṣí, irú orúkọ bẹ́ẹ̀ lè pọ̀ níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kó ṣí bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí sì ti di kíákíá, torí ní March 2023 Ààrẹ Buhari pàṣẹ pé Ọba Bìní ló ni ẹrù tó bá ti ààfin lọ tó sì padà dé, ní June 2025 Nẹ́dálándì dá 119 padà lẹ́ẹ̀kan. Ẹrù ń ti ọwọ́ àjọ kọjá sí ọwọ́ míì lójú wa báyìí, sẹmikólọ̀n ni àbí fúlúsitọ́ọ̀pù, ìwé tí wọ́n bá kọ lónìí ló máa sọ ọ́. Ní ti àwọn pátákó 24 tó bá méjì yẹn wá láti Lọ́ńdọ̀nù, ìbéèrè kan ṣoṣo la ní fún ọ̀gá tó ń tọ́jú yàrá ẹrù ní Onikan: mélòó ló wà lórí ṣẹ́ẹ̀fù láàárọ̀ yìí?